Èló ni wákàtí kan jẹnẹrétọ̀ ń ná yín? Bí oníṣọ́ọ̀bù n'Ílọrin ṣe lè ṣírò rẹ̀, kó sì fi wé iná NEPA

Ẹ bi oníṣọ́ọ̀bù kan ní Ìpàta tàbí ní Tánkẹ léèrè pé èló ni jẹnẹrétọ̀ ń ná an, ohun tí ẹ máa gbọ́ ni pé, "Epo ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ni mò ń rà lóòjọ́." Irọ́ kọ́, àmọ́ kò sí ohun tí èèyàn lè fi ṣe. Kò sọ wákàtí mélòó ni epo náà jó, kò sọ lítà mélòó ni, kò sì sọ iṣẹ́ tí iná yẹn bá a ṣe. Bí owó epo bá sì yí padà lọ́la, ọ̀rọ̀ náà ti di àná.

Yúnìtì ni NEPA fi ń ta iná. Mo mọ̀ pé IBEDC ló ń pín in fún wa báyìí, àmọ́ NEPA náà ni gbogbo wa ṣì ń pè é. Lítà ni ilé epo fi ń ta bẹntiróòlù ní tiwọn. Láti fi ọ̀kan wé èkejì, a ní láti mọ iye yúnìtì tí ṣọ́ọ̀bù ń jẹ ní wákàtí kan, iye lítà tí jẹnẹrétọ̀ ń jó kó tó lè pèsè yúnìtì yẹn, àti iye tí ìtọ́jú ẹ̀rọ náà ń fà lábẹ́lẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a máa ṣe níbí, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ní Gáà Akánbí ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ. Àlhájà tó ni ín ní máṣíìnì méjì tó ń lo mọ́tò, fáànù kan, gílóòbù LED mẹ́ta, àti áyọ́ọ̀nù oníná wáàtì 1,000. Jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ni irú tí gbogbo ayé mọ̀ yẹn, tí wọ́n kọ 2.5 kVA sí lára, tó ń lo ọ́ìlì lọ́tọ̀, tí a kì í po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ iye yúnìtì tí ṣọ́ọ̀bù yín ń jẹ

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ka wáàtì tó wà lára ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n á sì gbà pé ohun tí àwọn ń lò nìyẹn. Kì í rí bẹ́ẹ̀. Áyọ́ọ̀nù tó bá ti gbóná tó máa ń pa ara rẹ̀, á tún tan nígbà tó bá ń tutù. Máṣíìnì tí ẹnikẹ́ni kò tẹ ẹsẹ̀ mọ́ kò jẹ iná tó èyí tó ń ránṣọ. Mítà yín ni kí ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ fún yín.

Ẹ dúró di ìgbà tí NEPA bá mú iná tó lágbára wá, kì í ṣe iná tí gílóòbù ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ wo yúnìtì tó ṣẹ́kù lórí mítà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn àmì kékeré yẹn. Ẹ wá ṣiṣẹ́ bí ẹ ṣe máa ń ṣe fún wákàtí kan gbáko, kí ẹ tún lọ wò ó. Ohun tó dín nínú rẹ̀ ni ẹ jẹ. Lẹ́ẹ̀mejì ni kí ẹ ṣe é: wákàtí kan láìfi áyọ́ọ̀nù sí i, wákàtí kan pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù. Ní ṣọ́ọ̀bù Àlhájà, wákàtí tí kò sí áyọ́ọ̀nù jẹ yúnìtì 0.35. Wákàtí tí áyọ́ọ̀nù wà nínú rẹ̀ jẹ 1.05. Ẹ rí i pé áyọ́ọ̀nù nìkan jẹ 0.7, ìlọ́po méjì gbogbo ohun tó kù.

Àwọn mítà kan kì í fi ìdajì yúnìtì hàn dáadáa. Irú èyí, ẹ wo iná pupa kékeré tó ń ṣẹ́jú lójú rẹ̀. Wọ́n máa ń kọ 1000 imp/kWh tàbí 1600 imp/kWh sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bó bá ti ṣẹ́jú ìgbà 1,000 (tàbí 1,600), yúnìtì kan ti lọ. Ẹ kà á fún ìṣẹ́jú mẹ́fà, ẹ fi mẹ́wàá sọ ọ́ di púpọ̀ kó lè di ti wákàtí kan, kí ẹ wá fi 1,000 tàbí 1,600 pín in. Mítà Àlhájà ṣẹ́jú ìgbà 35 ní ìṣẹ́jú mẹ́fà nígbà tí wọn kò lo áyọ́ọ̀nù. Ìyẹn jẹ́ 350 ní wákàtí kan, ó sì bá 0.35 mu. Bí ìlò áyọ́ọ̀nù tàbí ti fírísà bá wà níbẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́fà kò tó, torí pé àwọn yẹn máa ń tan, wọ́n á tún pa. Ẹ wò wọ́n fún wákàtí kan tàbí méjì.

Bí ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta bá ń lo mítà kan, bó ṣe wọ́pọ̀ nínú àwọn ilé onísọ́ọ̀bù wa, ẹ tètè dé láàárọ̀ kí àwọn yòókù tó ṣílẹ̀kùn. Ẹ rí i dájú pé fírísà ẹnikẹ́ni kò sí lórí iná nígbà náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tí aládùúgbò ń jẹ ni ẹ máa kà mọ́ ara yín lọ́rùn.

Ẹ wá wọn epo

Ibí yìí ni iṣẹ́ wà, torí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Ẹ má fojú díwọ̀n epo nínú táńkì. Táńkì jẹnẹrétọ̀ fẹ̀ lókè, ìka kan tó lọ sílẹ̀ níbẹ̀ lè jẹ́ lítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, níta gbangba, jìnnà sí ẹnu ọ̀nà àti fèrèsé. Èéfín rẹ̀ kì í rùn tó bó ṣe ń pani tó. Nígbà tí ẹ̀rọ ṣì tutù, ẹ da epo sí i títí yóò fi kan ìsàlẹ̀ asẹ́ tó wà lẹ́nu táńkì gẹ́lẹ́. Ojú àmì yín nìyẹn. Ẹ tan án, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún wákàtí méjì pẹ̀lú iṣẹ́ kan náà tí ẹ ṣe nígbà tí ẹ ń ka mítà. Ẹ kọ àsìkò tí ẹ tan án àti àsìkò tí ẹ pa á.

Lẹ́yìn tí ẹ bá pa á, ẹ ti ẹnu epo rẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀ kó tutù. Ó máa tó ìṣẹ́jú ogún ó kéré tán. Ẹni tó bá da bẹntiróòlù sórí ẹ̀rọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ń fi iná ṣeré, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló sì ti bá irú eré bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá ti tutù, ẹ mú ìgò omi tí wọ́n kọ 75cl sí lára, ẹ bu epo sí i dé ibi tí omi máa ń dé nínú rẹ̀ kí wọ́n tó ṣí i, kí ẹ dà á sínú táńkì. Ẹ máa kà á bí ẹ ṣe ń dà á, títí epo yóò fi padà dé ojú àmì. Ìgò kan jẹ́ lítà 0.75. Èyí tó kù nínú ìgò ìkẹyìn, ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ìgò náà wà fún wíwọ̀n nìkan o, ẹ má fi epo pamọ́ sínú rẹ̀, kí ọmọdé má lọ rò pé omi ni.

Àlhájà da epo 1.3 lítà padà lẹ́yìn wákàtí méjì láìsí áyọ́ọ̀nù. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ lítà 0.65 ní wákàtí kan. Lọ́jọ́ kejì tí áyọ́ọ̀nù wà lórí rẹ̀, ó da lítà méjì padà, ìyẹn lítà kan ní wákàtí kan.

Mo wá ní kó dán ìkẹta wò, èyí tí ọ̀pọ̀ kì í ṣe. Kó tan jẹnẹrétọ̀ láìsí ohunkóhun lórí rẹ̀. Ó wò mí. "Ṣé kí n máa jó epo lásán ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Àlhájà, ìdajì wákàtí péré. Epo tó lọ tó ìdá mẹ́rin lítà kan, ìyẹn ìdajì lítà ní wákàtí kan. Ẹ̀rọ tí kò tan gílóòbù kan ṣoṣo jó lítà 0.5. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ni kókó gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun tó fà á kò le. Jẹnẹrétọ̀ ní láti máa yí ní eré kan náà, nǹkan bí ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, kí iná rẹ̀ lè bá ẹ̀rọ wa mu. Yálà ẹ gbé ẹrù lé e tàbí ẹ kò gbé, ó gbọ́dọ̀ yí eré yẹn. Epo tó ń fi yí ara rẹ̀ ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń mu. Èyí tó ń fi ṣe iná fún wa kéré. Bẹntiróòlù lítà kan ní agbára tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó yúnìtì mẹ́sàn-án nínú, àmọ́ nínú ẹ̀rọ kékeré yìí, ẹyọ kan péré ló bọ́ sọ́wọ́ Àlhájà, ìyẹn nígbà tí áyọ́ọ̀nù ń ṣiṣẹ́ o. Ooru àti ariwo ni ìyókù bá lọ.

Bí ẹ bá wọn epo lẹ́ẹ̀mejì tí ìyàtọ̀ àárín wọn ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ, ẹ má gba èyíkéyìí gbọ́. Ẹ wò ó bóyá ilẹ̀ kò tẹ́jú, bóyá epo ń kán lábẹ́ kábúrétọ̀, tàbí bóyá ọmọ iṣẹ́ ti fi fóònù méje sí i láìsọ fún yín (fóònù méje kò sì lè ṣe tó yẹn, èyí tó kán lábẹ́ kábúrétọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá).

Iye tí lítà kan jẹ yín gan-an

Owó ara pọ́ǹpù ni ìbẹ̀rẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ yìí, ₦950 ni mo pe lítà kan. Ẹ fi iye tí ilé epo àdúgbò yín ń tà lọ́jọ́ tí ẹ ń ṣírò rọ́pò rẹ̀. Títí di oṣù karùn-ún ọdún 2023, kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà kan kò tó ₦200. Ẹni tó ṣì ń fi ìrántí ìgbà yẹn ṣírò jẹnẹrétọ̀ ń tan ara rẹ̀ ni.

Àwọn tó ń ra epo nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ọ̀nà ní tiwọn gbọ́dọ̀ wọn kẹ́ẹ̀gì náà pẹ̀lú ìgò 75cl yẹn lẹ́ẹ̀kan. Èyí tí wọ́n ń pè ní lítà mẹ́wàá lè jù bẹ́ẹ̀ bó bá kún dé ẹnu, ó sì lè dín bí wọ́n bá ti tẹ ìdí rẹ̀ wọnú. Ẹ fi lítà tó wà nínú rẹ̀ lóòótọ́ pín owó tí ẹ san. Bí ẹ bá gun ọ̀kadà lọ ra epo, owó ọ̀kadà náà wọ ibẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀ ní ìṣírò díẹ̀ sí i. Bí ìwé rẹ̀ bá ní lítà ọ́ìlì kan fún àádọ́ta lítà epo, ẹ fi àádọ́ta pín owó lítà ọ́ìlì kan, kí ẹ fi ohun tó bá jáde kún owó lítà epo kọ̀ọ̀kan.

Ìtọ́jú: owó tí kì í sunkún

Epo máa ń ké lójoojúmọ́, torí náà a ń gbọ́ tirẹ̀. Owó ìtọ́jú kì í ké títí di ọjọ́ tí okùn já tàbí tí ẹ̀rọ kọ̀ láti tan, ọjọ́ yẹn a sọ pé mẹkáníìkì ló jẹ wá lówó. Ọ̀nà tí a fi ń mú un ni pé kí a pín ìnáwó kọ̀ọ̀kan sórí iye wákàtí tó máa bò.

Ọ́ìlì la fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ tó tó báyìí ń gba nǹkan bí lítà 0.6. Àwọn tó ṣe é sọ pé kí a yí i padà lẹ́yìn ogún wákàtí àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ bá jẹ́ tuntun, lẹ́yìn náà ní ọgọ́rùn-ún wákàtí sí ọgọ́rùn-ún wákàtí. Ẹni tó ń tan án fún wákàtí mẹ́rin lóòjọ́ máa dé ọgọ́rùn-ún láàárín ọjọ́ márùndínlọ́gbọ̀n iṣẹ́, ìyẹn oṣù kan. Ọ́ìlì Àlhájà jẹ́ ₦3,000, mẹkáníìkì gba ₦2,000. ₦5,000 lórí wákàtí 100 jẹ́ ₦50 fún wákàtí kọ̀ọ̀kan.

Púlọ́ọ̀gì àti fílítà afẹ́fẹ́ àti rọ́bà epo, a yí wọn padà ní nǹkan bí 300 wákàtí. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦6,000 lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn ₦20 fún wákàtí kan. Fífọ fílítà kò gba owó, ọṣẹ àti omi ni, àmọ́ ní àsìkò ọyẹ́ tí eruku Ìlọrin bá ń fò, àádọ́ta wákàtí pẹ́ jù kó tó rí ọṣẹ.

Àtúnṣe tí a kò retí ni ìkẹta: okùn ìfà, kábúrétọ̀, búrọ́ọ̀ṣì tó ti jẹ tán. Kò sí ẹni tó lè sọ ọjọ́ tó máa ṣẹlẹ̀. Ẹ wo ohun tí ẹ ná lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá, kí ẹ fi wákàtí tí ẹ lò ó lọ́dún náà pín in. Ti Àlhájà jẹ́ ₦30,000 lórí nǹkan bí 1,000 wákàtí, ìyẹn ₦30.

Ìkẹrin ni àwọn èèyàn ń bá mi jà lé lórí: owó jẹnẹrétọ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n ní a ti ra ìyẹn, ó ti lọ. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Wákàtí kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá tan án ń jẹ nínú ẹ̀mí rẹ̀, ẹ ó sì ra òmíràn. Àlhájà ra tirẹ̀ ní ₦240,000. Bó bá bàjẹ́ pátápátá, ó ṣì lè rí ₦40,000 lọ́wọ́ àwọn tó ń ra ẹ̀rọ àlòkù. ₦200,000 ló ń lọ. Mo gbà pé irú rẹ̀ lè ṣe 2,000 wákàtí kí ẹ̀rọ inú rẹ̀ tó béèrè àtúnṣe ńlá, bí a bá ń yí ọ́ìlì rẹ̀ déédéé. Ìyẹn jẹ́ ₦100 ní wákàtí kan. Bí ẹ kì í bá yí ọ́ìlì, ẹ ṣírò rẹ̀ sí 1,000 wákàtí, kí ẹ wá wo bí ₦50 tí ẹ rò pé ẹ ń fi pamọ́ ṣe sọ ₦100 yẹn di ₦200.

Àròpọ̀ ìtọ́jú: ₦50 àti ₦20 àti ₦30 àti ₦100, ó jẹ́ ₦200 ní wákàtí kan, bóyá áyọ́ọ̀nù wà lórí rẹ̀ tàbí kò sí.

Ẹ ro wọ́n pọ̀

```
owó wákàtí kan = (lítà ní wákàtí kan × owó lítà kan) + owó ìtọ́jú
owó yúnìtì kan = owó wákàtí kan ÷ yúnìtì ní wákàtí kan
```

Wákàtí tí kò sí áyọ́ọ̀nù: 0.65 lọ́nà ₦950 jẹ́ ₦617.50. Fi ₦200 kún un, ó di ₦817.50. Yúnìtì tó jáde níbẹ̀ kò ju 0.35 lọ. Ẹ fi pín in: yúnìtì kan di nǹkan bí ₦2,336.

Wákàtí tó ní áyọ́ọ̀nù: ₦950 àti ₦200, ó jẹ́ ₦1,150. Yúnìtì 1.05 ló jáde. Yúnìtì kan jẹ́ nǹkan bí ₦1,095.

Nígbà tí Àlhájà rí i, ó rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tó ti ń lé àwọn ọmọ iṣẹ́ kúrò nídìí áyọ́ọ̀nù nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́. Òótọ́ ni pé áyọ́ọ̀nù ń fi ₦332.50 kún owó wákàtí náà. Àmọ́ gílóòbù mẹ́ta, fáànù kan àti máṣíìnì méjì nìkan ti ń ná an ní ₦817.50 kí áyọ́ọ̀nù tó dé. Títan ẹ̀rọ náà sílẹ̀ gan-an ló wọ́n. Wákàtí tí wọ́n fi ń tan án fún fáànù nìkan nígbà tí kò sí aṣọ lórí máṣíìnì ló ń jẹ wọ́n jù.

Iná NEPA náà ní ìṣírò tirẹ̀

Ẹ má wo iye tí wọ́n kéde lórí rédíò. Ẹ mú rìsíìtì káàdì tí ẹ rà kẹ́yìn, ẹ fi yúnìtì tó wà nínú rẹ̀ pín owó tí ẹ san. Owó-orí 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ti wà nínú ìyẹn, òun náà sì ni ohun tó jáde lápò yín. Bí wọ́n bá yọ gbèsè àtẹ̀yìnwá kúrò nínú owó náà, ẹ yọ gbèsè yẹn kúrò kí ẹ tó pín in, torí iná tí ẹ ti jẹ tẹ́lẹ̀ ni.

Iye tó máa jáde yàtọ̀ láti àdúgbò kan sí èkejì nítorí ètò báńdì. Báńdì A ni àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná ogún wákàtí lóòjọ́ fún, B jẹ́ mẹ́rìndínlógún, C jẹ́ méjìlá, D jẹ́ mẹ́jọ, E jẹ́ mẹ́rin. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, NERC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná, gbé owó Báńdì A sókè láti ₦68 sí ₦225, wọ́n sì tún ṣẹ́ díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀ lẹ́yìn náà. Àwọn báńdì yòókù kò bá wọn gòkè nígbà yẹn. Torí náà, ẹni méjì lè wà n'Ílọrin, kí yúnìtì ọ̀kan wọ́n ju ti èkejì lọ ní ìlọ́po mẹ́ta.

Báńdì A ni Àlhájà wà, ẹ jẹ́ ká sì fi èyí tó wọ́n jù ṣe é kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo ń gbè sẹ́yìn NEPA. ₦209.50 ni owó yúnìtì tí mo lò, owó-orí mú un dé nǹkan bí ₦225. Wákàtí tí kò sí áyọ́ọ̀nù, 0.35 lọ́nà ₦225, kò pé ₦80. Wákàtí áyọ́ọ̀nù jẹ́ nǹkan bí ₦236.

₦80 sí ₦817.50. ₦236 sí ₦1,150. Àkọ́kọ́ jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá, èkejì kò tó márùn-ún.

Àwọn tí kò ní mítà tí wọ́n ń gba bíìlì ojú díwọ̀n lóṣooṣù kò lè ṣe é báyìí. Bíìlì yẹn kì í dín bí ẹ bá pa gílóòbù kan, bẹ́ẹ̀ ni kì í pọ̀ sí i lóṣù náà bí ẹ bá lo áyọ́ọ̀nù. Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ kọ wákàtí tí iná dé sílẹ̀ fún oṣù kan, nígbà tí ṣọ́ọ̀bù wà ní ṣíṣí nìkan, kí ẹ fi pín bíìlì náà. Ẹ ó mọ owó wákàtí kan, ẹ ó sì fi í wé owó wákàtí jẹnẹrétọ̀. Iná tó dé lóru nígbà tí ẹ ti tilẹ̀kùn kò ṣe yín láǹfààní kankan, ẹ má kà á.

Ohun tí Àlhájà yí padà

Wákàtí mẹ́rin ló máa ń tan jẹnẹrétọ̀ lóòjọ́. Mẹ́ta jẹ́ ti ìránṣọ, ìkẹrin sì jẹ́ ti ìrọ̀lẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń lọ aṣọ tí oníbàárà ń bọ̀ wá gbà. ₦817.50 lọ́nà mẹ́ta pẹ̀lú ₦1,150, ó jẹ́ ₦3,602.50 lóòjọ́. Ó pinnu pé aṣọ tó bá ti parí, wọn ò ní kó o jọ de ìrọ̀lẹ́ mọ́. Gbàrà tí NEPA bá mú iná dé, ọmọ iṣẹ́ kan á ti dìde sídìí áyọ́ọ̀nù. Ní ìrọ̀lẹ́, bọ́tìnnì àti ìṣẹ́tí tí wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe ló kù, wọ́n sì ń ṣe ìyẹn lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ilẹ̀ kò tíì ṣú. Wákàtí kẹrin jẹnẹrétọ̀ kúrò. Ó ń jèrè ₦1,150 lóòjọ́, ó ń fi nǹkan bí ₦157 kún owó káàdì rẹ̀, torí yúnìtì 0.7 ti áyọ́ọ̀nù ni ó gbé lọ sórí NEPA.

Ọjọ́ tí iná kò bá dé rárá, ó ní áyọ́ọ̀nù eléèédú nílé ẹ̀yìn. Mo sọ fún un pé kó má tètè sáré sídìí ẹ̀yẹn bí jẹnẹrétọ̀ bá ti wà lórí iṣẹ́ ìránṣọ tẹ́lẹ̀. Kó kó gbogbo aṣọ lílọ̀ jọ sínú wákàtí kan náà tí máṣíìnì ń ṣiṣẹ́. Ohun tí áyọ́ọ̀nù ń fi kún un nígbà yẹn jẹ́ ₦332.50 fún yúnìtì 0.7, ìyẹn ₦475 fún yúnìtì kan. Ó wọ́n ju NEPA lọ, àmọ́ kò sún mọ́ ₦2,336.

Ìgbà tí ẹ máa tún un ṣe

Bí owó epo bá yí padà, ẹ kò nílò láti wọn ohunkóhun mọ́. Lítà 0.65 àti lítà kan ṣì dúró, owó lítà nìkan ni ẹ ó pààrọ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ fi ẹ̀rọ tuntun kún ṣọ́ọ̀bù, ẹ tún mítà kà, ẹ sì tún epo wọ̀n.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wọn epo lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta, pẹ̀lú iṣẹ́ kan náà. Bí 0.65 bá di 0.8 láìjẹ́ pé ẹ fi nǹkan kan kún un, ẹ̀rọ náà ń ṣàìsàn. Ẹ kọ́kọ́ wo ṣóòkù bóyá ọmọ iṣẹ́ gbàgbé rẹ̀ ní ìdajì. Ẹ tú fílítà afẹ́fẹ́, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gbẹ ẹ́, kí ẹ tún wọn epo. Bó bá ṣì ń tú èéfín dúdú, ẹ tú púlọ́ọ̀gì wò: bí ẹnu rẹ̀ bá dúdú bí ìdí ìkòkò, tó gbẹ, epo ń wọlé ju afẹ́fẹ́ lọ, kábúrétọ̀ ni kí mẹkáníìkì dojú kọ. Bó bá tutù fún ọ́ìlì tí èéfín sì funfun tó fẹ́ jọ búlúù, ọ́ìlì ti ń wọ ibi tí kò yẹ, ríǹgì lọ̀rọ̀ náà máa já sí. Àtúnṣe ńlá nìyẹn, kí ẹ sì béèrè owó rẹ̀ kí wọ́n tó tú ẹ̀rọ: bó bá ti ń sún mọ́ ìdajì owó jẹnẹrétọ̀ tuntun, ẹ gbà ₦40,000 ti ẹ̀rọ àlòkù yẹn.